Kí ló sọ iná 2,800 °C orí ìwé di 1,200 °C nínú ìléru?

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ní ìléru gáàsì kékeré kan ní Mushin tí a fi ń yọ́ idẹ àti bàbà. Sílíńdà 12.5 kg máa ń bá wa lò tó wákàtí mẹ́fà, fáànù ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ẹnu òkè rẹ̀ sì fẹ̀ tó 10 cm. Mo ṣírò ìgbóná iná náà fúnra mi. Mo mú 2,220 kJ, ooru móòlù pùròpéènì kan, mo fi iye ooru tí èéfín ń gbà fún 1 K ní 25 °C pín in, mo rí nǹkan bí 3,100 K, ìyẹn ju 2,800 °C lọ. Ìwé kan ní 2,267 K ni. Òṣùwọ̀n tí mo tì bọ inú ìléru kò sì kọjá 1,200 °C rí. Èwo ni kí n gbà gbọ́? Ṣé mo lè fi í yọ́ irin?*

Àbúrò mi, nọ́ńbà inú ìwé yẹn tọ̀nà, òṣùwọ̀n rẹ náà kò purọ́. Ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì ń sọ. 3,100 K tìrẹ ni ká kọ́kọ́ tún ṣe, nítorí ọ̀nà tí a máa gbà tún un ṣe náà ló máa gbé wa dé inú ìléru rẹ.

Ìgbóná tí ìwé ń sọ ni èyí tí èéfín máa ní bí gbogbo ooru tó jáde lára gáàsì bá dúró sínú èéfín náà: tí ògiri kò gbà nínú rẹ̀, tí ìkòkò ìyọ́dẹ kò gbà nínú rẹ̀, tí kò sì sí èyí tó tàn jáde gba ẹnu ìléru. Ẹ́ńtálípì, ìyẹn ìṣirò ooru tí nǹkan gbé dání, la fi ń rí i. Àpapọ̀ ẹ́ńtálípì ohun tó wọlé gbọ́dọ̀ bá ti ohun tó jáde dọ́gba. Nítorí náà, a ń wá ìwọ̀n ìgbóná kan ṣoṣo tí èéfín fi máa gbé gbogbo ooru náà, láìṣẹ́kù, láìlé. Ohun tó ń jó nínú ìléru rẹ, bí a bá kà á sí pùròpéènì lásán, nìyí:

```
C3H8 + 5 O2 + 18.8 N2  →  3 CO2 + 4 H2O + 18.8 N2
```

Ibi tí 18.8 ti wá ni pé fún gbogbo móòlù ọ́síjìn kan tó wà nínú afẹ́fẹ́, náítírójìn 3.76 ló ń bá a rìn. Fi í sọ́kàn, torí òun ló máa jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú ooru rẹ.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ wà nínú 2,220 kJ. Iye yẹn pé, àmọ́ ohun tó ń kà ni ooru tí a máa rí bí omi inú èéfín bá padà di omi tó ń ṣàn ní 25 °C. Nínú iná, kò sí omi kankan tó ń ṣàn. Gbogbo rẹ̀ ló wà ní oru. Láti sọ móòlù omi kan di oru ní 25 °C, 44 kJ ló ń gbà, móòlù mẹ́rin la sì ní, ìyẹn 176 kJ. Yọ ọ́ kúrò, ó ku 2,044 kJ. Ìwọ̀nyí nìkan ló wà nílẹ̀ tí èéfín lè fi gbóná. Bí o bá tún ìṣirò rẹ ṣe pẹ̀lú èyí nìkan, 3,100 K yóò di nǹkan bí 2,880 K. Ọ̀pọ̀ àtẹ ni kì í sọ èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀ nínú méjèèjì, nítorí náà, èyí tó kéré ni kí o máa wá nígbàkígbà tó bá jẹ́ ìgbóná iná lo fẹ́ ṣírò.

Àṣìṣe kejì tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. O lo iye ooru tí èéfín ń gbà ní 25 °C fún gbogbo ìrìn náà, láti ibi tí gáàsì ti tutù títí dé ibi tó ti gbóná ju irin yíyọ́ lọ. Èéfín kì í dúró bẹ́ẹ̀. Ní 25 °C, móòlù CO2 kan ń gba nǹkan bí 37 J kó tó fi 1 K gbóná sí i; tó bá dé 2,400 K, ó ti ń gba nǹkan bí 61 J. Oru omi kúrò ní 34 lọ sí 53, náítírójìn náà kúrò ní 29 lọ sí nǹkan bí 36.5. Ìdí rẹ̀ ni pé mólékù tó tutù ń fò káàkiri, ó sì ń yí, àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ̀n nínú ara rẹ̀. Bó ṣe ń gbóná ni àwọn átọ̀mù inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n síra wọn, ooru tó bá bọ́ sínú gbígbọ̀n yẹn kì í sì hàn lójú òṣùwọ̀n. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí o bá ti ń gòkè sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gba ooru ju èyí tó ṣíwájú rẹ̀ lọ.

Èmi kì í wá àròpin kankan láti fi tún èyí ṣe. Àtẹ ẹ́ńtálípì ni mo máa ń ṣí, èyí tó sọ iye kJ tí móòlù kọ̀ọ̀kan ti gbà láti 298 K dé ìwọ̀n tí o bá fẹ́. O máa méfò ìgbóná méjì tó o rò pé ìdáhùn wà láàárín wọn, kí o ro àpapọ̀ ooru èéfín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o wá wo ibi tí 2,044 bọ́ sí. Wò ó:

```
2300 K:  3(109.7) + 4(88.4) + 18.8(67.00) = 1942 kJ
2400 K:  3(115.8) + 4(93.7) + 18.8(70.64) = 2050 kJ
```

Ní 2,300 K, èéfín ò tíì gbé gbogbo ooru wa tán. Ní 2,400 K, ó ti fẹ́ gbé ju èyí tí a ní lọ díẹ̀. Láti 1,942 dé 2,044 jẹ́ 102, gbogbo àlàfo náà sì jẹ́ 108. Nítorí náà, ìdáhùn wà ní 2,394 K. Bó bá jẹ́ pé ìméfò méjèèjì rẹ bọ́ sí apá kan náà, kò bàjẹ́, sún ọ̀kan kí o tún un rò. Ìwé kan, bírò kan àti àtẹ yẹn ti tó.

Kó o tó kúrò níbẹ̀, wo ìlà kejì yẹn dáadáa. Náítírójìn nìkan gbé ju 1,300 kJ lọ nínú 2,044, ó sún mọ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta. Kò jó, kò sì fi ooru kankan kún un. Ó dà bí àlejò tó wọ ilé àsè lọ́wọ́ òfo tó sì jẹ ju onílé lọ. Ìdí nìyẹn tí iná àwọn jórinjórin ní Ládipọ̀, tí wọ́n ń fi ọ́síjìn inú sílíńdà jó asẹ́tílíìnì, fi ń kọjá 3,000 °C tí ti gáàsì inú afẹ́fẹ́ kò sì lè súnmọ́ ọn.

O lè máa rò pé gáàsì ìdáná wa kì í ṣe pùròpéènì lásán, pé bútéènì wà nínú rẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ kò yí nǹkan kan padà. Pín 2,044 kJ fún 23.8 móòlù afẹ́fẹ́ tí pùròpéènì ń lò, wàá rí 85.9 kJ fún móòlù afẹ́fẹ́ kan. Bútéènì ń mú 2,657 kJ wá, ó sì ń lo 30.9 móòlù afẹ́fẹ́. Pín in, 85.9 náà ni. Ooru tó bá afẹ́fẹ́ wá ló ń pinnu ìgbóná iná, kì í ṣe ooru tó wà nínú kílò gáàsì. Bí alágbàtà bá yí àdàlù sílíńdà rẹ padà lóṣooṣù, ìwọ̀n yìí kò ní fi ju K mélòó kan lọ yí padà.

A ti dé 2,394, ìwé sì sọ 2,267. Ohun tó wà láàárín wọn ni ìtúká. Lókè 2,000 K, CO2 kì í lè dúró gbọn-in. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ń já padà sí CO àti ọ́síjìn, móòlù kọ̀ọ̀kan tó bá já sì ń gba 283 kJ padà lọ́wọ́ èéfín. Oru omi náà ń já, àmọ́ tirẹ̀ kéré. Ní ìgbóná iná tí a ń sọ yìí, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá CO2 ló wà ní jíjá. Ooru tí gbogbo èyí gbé pamọ́ lé ní 100 kJ, ó sì tó láti mú ìgbóná wálẹ̀ ní nǹkan bí 125 K. Ìṣirò rẹ̀ nílò ìdọ́gba kẹ́míkà pẹ̀lú ẹ́ńtálípì lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn sì ni iṣẹ́ tí mo máa ń gbé fún kọ̀ǹpútà. Ohun tó yẹ kí o mọ̀ ni ibi tó ti ń ká ọ lọ́wọ́ kò. Bí ìdáhùn ìṣirò bírò rẹ bá wà nísàlẹ̀ 2,000 K, o lè fi ìtúká sílẹ̀ pátápátá. Bó bá ti kọjá 2,200 K, ìdáhùn rẹ ti ga jù, bó ṣe ń ga sí i sì ni àṣejù náà ń pọ̀ sí i. Ooru yẹn kò sì sọnù. Bí èéfín bá fara kan nǹkan tó tutù jù ú lọ, CO àti ọ́síjìn náà máa ń padà pọ̀, wọ́n á sì dá a padà.

Nísinsìnyí, jẹ́ ká wá sí Mushin, torí afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni ìwé fi ṣe ìṣirò tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ Èkó kì í gbẹ. Lọ́jọ́ tó bá jẹ́ 30 °C tí ọ̀rinrin sì jẹ́ 80 nínú ọgọ́rùn-ún, afẹ́fẹ́ tí fáànù rẹ ń fẹ́ wọlé fún móòlù pùròpéènì kan ti gbé nǹkan bí 0.83 móòlù oru omi dání. Omi yìí náà gbọ́dọ̀ gbóná pẹ̀lú èyí tó kù, ó sì ń gba ju 70 kJ lọ. Fi í sínú ìlà méjèèjì òkè yẹn, 2,394 yóò di nǹkan bí 2,330 K. Tí a bá ka ìtúká mọ́ ọn, ìdínkù náà kéré sí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó wà níbẹ̀. Tí ọyẹ́ bá dé tí afẹ́fẹ́ gbẹ, tí ìléru náà sì dà bíi pé ó ń yá ju ti ìgbà òjò lọ, ojú rẹ kò tàn ọ́.

Síbẹ̀, ọ̀rinrin kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí fáànù ń ṣe. Ká ní afẹ́fẹ́ tó ń wọlé fi 20 nínú ọgọ́rùn-ún ju èyí tí gáàsì nílò lọ. Èéfín yóò wá ní ọ́síjìn móòlù kan tí kò ríṣẹ́ ṣe àti náítírójìn 3.76 sí i. Tún ìṣirò náà ṣe ní 2,100 àti 2,200 K, wàá bá 2,044 kJ ní nǹkan bí 2,120 K. Yíyí fáànù sókè díẹ̀ ju bó ṣe yẹ ti gba ju 270 K lọ́wọ́ rẹ, ìlọ́po mẹ́rin ohun tí ọ̀rinrin Èkó gbà. Ìléru kékeré tí a kò fi òṣùwọ̀n tò sì lè kọjá 20 yẹn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura.

2,120 K ṣì jẹ́ 1,850 °C, òṣùwọ̀n rẹ sì ń sọ 1,200. Ibí ni ìgbóná iná ti parí iṣẹ́ tirẹ̀, tí ẹ́ńtálípì kan náà sì ń bá a lọ. Èéfín kò lè fún idẹ ní gbogbo ooru rẹ̀. Bí ó bá ti tutù dé ìwọ̀n ìgbóná ìléru, kò ní ohun tó lè fún un mọ́, ó kàn máa jáde pẹ̀lú èyí tó kù lára rẹ̀ ni. Ṣí àtẹ sí 1,500 K, tó jẹ́ nǹkan bí 1,227 °C, kí o ro ooru èéfín tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ṣe déédéé. Wàá rí nǹkan bí 1,100 kJ. Ìyẹn ni pé nínú 2,044, ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún ń gba ẹnu ìléru lọ, ìdá 46 ló ṣẹ́kù sílé. Pẹ̀lú 20 afẹ́fẹ́ àfikún yẹn, èéfín ń gbé nǹkan bí 1,285 kJ jáde, ìdá 37 ló kù.

Jẹ́ ká sọ ọ́ di ti ìléru rẹ gan-an. 12.5 kg fún wákàtí mẹ́fà ju 2 kg lọ díẹ̀ ní wákàtí kan. Ká pè é ní 2 kg. Ìyẹn ń tú nǹkan bí 26 kW ooru sílẹ̀. Ní 1,227 °C, bí afẹ́fẹ́ bá ṣe déédéé, nǹkan bí 12 kW ló kù sínú ìléru. Bí afẹ́fẹ́ bá fi 20 pọ̀ jù, 9.5 kW. Àwọn ló máa gbóná ìkòkò, tí wọ́n máa yọ́ idẹ, tí wọ́n tún máa san ohun tó ń gba ara ògiri jò àti èyí tó ń tàn jáde lẹ́nu. Ìmọ́lẹ̀ pupa tó ń jáde lẹ́nu yẹn, ooru ni. Ihò 10 cm tó ń wo inú ìléru tó gbóná tó bẹ́ẹ̀ ń tan nǹkan bí 2.2 kW jáde. Òṣùwọ̀n rẹ dúró sí 1,200 nítorí pé ibẹ̀ ni ohun tó ń ṣẹ́kù sílé ti bá ohun tó ń jò dọ́gba. Kò fi hàn pé iná kò gbóná.

Irin tí o béèrè wá ńkọ́? Irin dídà, irú èyí tí kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ pọ̀ ju ti ọ̀pá rọ́ọ̀dù lọ, ń yọ́ láàárín 1,150 sí 1,200 °C, àmọ́ o gbọ́dọ̀ gbé e kọjá ibẹ̀ dáadáa kó tó ṣeé dà sínú àpótí iyẹ̀pẹ̀. Ìyẹn ṣeé ṣe tí o bá tún ìléru náà tò. Irin tí a fi ń ṣe ọ̀pá rọ́ọ̀dù ilé nílò nǹkan bí 1,500 °C, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ìgbóná iná gbà á, torí 1,850 ju 1,500 lọ. Ooru ni kò tó. Ro èéfín ní 1,800 K, ìyẹn 1,527 °C: bí afẹ́fẹ́ bá ṣe déédéé, èéfín ń gbé ìdá 69 jáde, 8 kW ló kù fún ọ. Bí afẹ́fẹ́ bá fi 20 pọ̀ jù, 5 kW péré ló kù. Ìtànṣán ẹnu ìléru kò sì dúró sójú kan, ó ń fò sókè bí ìgbóná ṣe ń ga. Ihò 10 cm kan náà ti ń tan 4.7 kW jáde níbẹ̀. Ó ku 0.3 kW fún gbogbo ògiri àti irin. Ìyẹn kò lè yọ́ irin, bó ti wù kí o dúró pẹ́ tó, bó sì ti wù kí o ra gáàsì tó.

Nítorí náà, fáànù ni kí o kọ́kọ́ mú. Jẹ́ kí ìléru pọ́n dáadáa, kí o wá dín afẹ́fẹ́ kù díẹ̀díẹ̀ títí tí ahọ́n iná kan á fi yọ lẹ́nu ìléru tó ń jó níta. Gáàsì tí kò rí ọ́síjìn nínú ló ń jó níbẹ̀. Wá fi afẹ́fẹ́ kún un díẹ̀díẹ̀ títí ahọ́n náà á fi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. O ti súnmọ́ déédéé nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé kò sí ahọ́n kankan láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ọ̀pá irin tí o tì bọ inú rẹ̀ sì ń yára bó èépá dúdú, ọ́síjìn pọ̀ jù. Má ṣe fi ahọ́n gígùn sílẹ̀ kó máa jó nínú ṣọ́ọ̀bù tí a tì pa: CO ló wà nínú rẹ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pànìyàn. Ojú fèrèsé àti ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ ṣí.

Lẹ́yìn náà, ẹnu ìléru. Ìbò amọ̀ tó máa dín ihò náà kù sí 7 cm yóò dín ìtànṣán kù sí ìdajì, ihò tó kù sì ní láti tó kí èéfín ráyè jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iná á máa padà sẹ́yìn sínú bọ́nà. Ẹ̀kẹta, tí o bá fẹ́ ṣiṣẹ́ alágbẹ̀dẹ gidi, ni kí o jẹ́ kí páìpù fáànù gba inú èéfín tó ń jáde kọjá. Afẹ́fẹ́ tó bá ti gbóná dé nǹkan bí 430 °C kó tó wọ bọ́nà ń gbé nǹkan bí 290 kJ padà wálé fún móòlù pùròpéènì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ nínú 1,100 tó ń sálọ. Páìpù irin aláìpata ni kí o lò, afẹ́fẹ́ nìkan ni kí o mú gba ibẹ̀, má ṣe jẹ́ kí gáàsì kọjá nínú ooru.

Tí o bá sì ti ṣe èyí tí ìgbóná ń gòkè, ranti pé òṣùwọ̀n oríṣi K, tó wọ́pọ̀ jù lọ́jà, kò yẹ kó pẹ́ lókè 1,260 °C. Á máa parọ́ díẹ̀díẹ̀ kó tó já. Wo àmì ara tìrẹ. Bó bá jẹ́ K, ra oríṣi B, tó lè gba 1,700 °C, kó o tó gbé irin dídà sínú ìkòkò.